Òròmọdìẹ ń kú lóru, ilé ń gbóná lọ́sàn-án, Nẹ́pà ò sì dúró

Ọmọ Ìsánlú

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ẹlẹ́dìẹ. Mo kó 200 òròmọdìẹ bíróílà wá sí Ìsánlú láti Ìlọrin níparí oṣù kejì yìí. Yàrá búlọ́ọ̀kù ni mo kó wọn sí, ẹsẹ̀ 12 sí 10, òrùlé páánù, kò ní síílìn. Gúlóòbù 200 wáàtì méjì ló ń mú wọn gbóná, mo sì ní ìkòkò èédú fún ìgbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ. Mo fi náílọ̀n bo gbogbo fèrèsé kí atẹ́gùn má wọlé. Òru mẹ́ta péré, 23 ti kú. Tẹmómítà mi ń ka dígíríì 38 lọ́sàn-án, ó sì ń já sí 29 ní ìdájí. Ṣé kí n ra jẹnẹrétọ̀ ni, àbí kí n fi ìkòkò èédú kan kún un?

Bàbá Mọ́pà

Àbúrò, fi èédú kún un. Ìkòkò méjì ló yẹ yàrá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Gbé ọ̀kan sí ìhín, gbé èkejì sí ọ̀hún, kí o sì ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin adìẹ, òtútù ni ọ̀tá òròmọdìẹ. Mi ò tíì rí èyí tí ooru pa. Jẹnẹrétọ̀ á jẹ owó rẹ tán, bẹntiróòlù ti di góòlù.

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Ọmọ Ìsánlú, má tíì ra nǹkan kan. Dá mi lóhùn ná. Ibo lo gbé tẹmómítà kọ́ nínú yàrá yẹn? Àwọn tó kú, ibo lo ti bá òkú wọn, ní agogo mélòó, báwo ni wọ́n sì ṣe sùn? Tí Nẹ́pà bá mú iná lọ lóru, ṣé ìmọ́lẹ̀ kankan máa ń kù nínú yàrá kí o tó dé ibẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Èmi náà ń jìyà ooru yìí o. Àwọn lẹ́yà mi ò jẹun mọ́ láti ìgbà tí oòrùn ti mú, ẹyin sì ti dín kù. Mo ń bu yìnyín sínú omi wọn lọ́sàn-án, ara sì ń tù wọ́n. Ọmọ Ìsánlú, gbìyànjú yìnyín.

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, adìẹ àgbà ni tìẹ, ó ti hu ìyẹ́ tán. Ẹni tó bá fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ní omi yìnyín, ikùn òròmọdìẹ náà lá kọ́kọ́ tutù, kò sì ní í mu ún dáadáa. Jọ̀ọ́, ya tìrẹ sọ́tọ̀ kí a lè bá ọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ ṣé, Mọ́mì. Mo gbé tẹmómítà kọ́ sára ìṣó tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó tó ibi orí mi. Nínú àwọn tó kú, èyí tó pọ̀ jù mo máa ń bá wọn láàárọ̀ ní igun ẹ̀bá ilẹ̀kùn, wọ́n á gorí ara wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ti fẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn díẹ̀ kan tún wà tí mo bá ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán lẹ́bàá ògiri, wọ́n tẹ́ apá sílẹ̀, wọ́n ya ẹnu. Ìgbẹ́ ti gan mọ́ ìdí àwọn kan pẹ̀lú. Tí Nẹ́pà bá mú iná lọ, òkùnkùn biribiri ni. Nígbà tí mo bá fi máa jí, kí n tó dáná èédú, ó máa ń tó wákàtí kan.

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Ó ti yé mi báyìí. Ọ̀nà méjì ni ikú ń gbà wọ inú ilé yẹn. Àwọn tó gorí ara wọn ní igun lóru, òkùnkùn àti òtútù ló kó wọn jọ. Àwọn tó tẹ́ apá lẹ́bàá ògiri lọ́sàn-án, ooru ni wọ́n ń sá fún, wọn ò rí ibi sá sí. Bí o bá fi ìkòkò èédú kún un, bóyá ti òru á dín kù, ti ọ̀sán á wá pọ̀ sí i.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti òru. Òròmọdìẹ kì í ríran nínú òkùnkùn. Gúlóòbù rẹ ni ìmọ́lẹ̀ wọn, òun náà ni ooru wọn. Tó bá kú lójijì, nǹkan méjì ló bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan á ké, ìyókù á sáré lọ síbi tí igbe náà ti ń wá, igun ni wọ́n sì máa ń gúnlẹ̀ sí. Ní ìparí oṣù kejì ní Ìsánlú, òtútù nìkan kì í pa ọmọ adìẹ láàárín wákàtí kan. Àìrí afẹ́fẹ́ mí nísàlẹ̀ òkìtì yẹn ló pa wọ́n. Nítorí náà, lálẹ́ òní, kó tó di pé o ṣe ohunkóhun mìíràn, gbé tọ́ọ̀ṣì sólà kékeré tàbí láńtà oníbátìrì kan kọ́ sókè, kó máa tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó má ṣe mọ́lẹ̀ jù. Gba páálí tàbí páánù àlòkù, fi ṣe ọgbà róbótó yí wọn ká, kí wọ́n má baà rí igun kankan sá sí. Fún 200, ọgbà tí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ 8 láti ìhín dé ọ̀hún ti tó ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wàá máa sún un sẹ́yìn.

Ti tẹmómítà: ibi orí rẹ kọ́ ni òròmọdìẹ ń gbé. Okùn ni kí o fi so ó, kó rọ̀ wá sílẹ̀ títí yóò fi tó ibi ẹ̀yìn wọn, nǹkan bí ìka mẹ́ta sí èérún pákó. Ooru máa ń gòkè, nítorí náà 29 tí o kà lókè ní ìdájí lè jẹ́ 26 nílẹ̀, pàápàá bí èérún pákó rẹ bá fẹ́lẹ́ tí sìmẹ́ńtì sì ń fa ooru ara wọn. Ẹni ọjọ́ mẹ́ta tó ń sùn sórí 26 kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara wọn tó mọ bí a ti í di ooru mú.

Láàárín 32 sí 34 ni kó wà níbi ẹ̀yìn wọn lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà ẹ máa yọ nǹkan bíi mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni tẹmómítà tó dájú jù. Tí wọ́n bá tàn ká, àwọn kan ń jẹun, àwọn kan ń sùn, tí ohùn wọn ń lọ jẹ́jẹ́, fi wọ́n sílẹ̀. Tí wọ́n bá fún ara wọn mọ́ abẹ́ gúlóòbù tí wọ́n ń ké kíkan, òtútù ni. Tí wọ́n bá jìnnà sí i, wọ́n ya ẹnu, ilé sì dákẹ́, ooru ni. Ìdákẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rò pé ara wọ́n balẹ̀. Tí gbogbo wọn bá sì wà lápá kan, wá ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lódìkejì.

Bàbá Mọ́pà

Ìyá Kàbà, mo gbọ́ ti òkùnkùn, òótọ́ ni, èmi náà máa ń tan àtùpà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ooru dẹ́rù ba ọmọdé. Dígíríì 38 ọ̀sán yẹn, abẹ́ páánù níbi orí rẹ̀ ni, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Tèmi ni pé, bí èédú bá ti jó tán tó pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, gbé e wọlé, fi eérú bò ó lórí, á máa jó díẹ̀díẹ̀ dòwúrọ̀. Kò sí ewu níbẹ̀.

Olùtọ́jú-ẹran Ìyàrà

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Fífi eérú bo èédú dára, ó ń jẹ́ kó pẹ́. Ti pé kò sí ewu ni mi ò lè gbà. Èéfín tí ojú ń rí ló lọ nígbà tí èédú pọ́n. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́síìdì ò lọ, ìgbà tí a bá sì ti fi eérú bò ó tí atẹ́gùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa gan-an ló máa ń pọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nínú yàrá tí wọ́n ti fi náílọ̀n dí pátápátá bíi ti Ọmọ Ìsánlú, òròmọdìẹ á máa tòògbé, wọn ò ní í jẹun, wọn ò ní í ké, wọ́n á kàn kú síbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí láìgorí ara wọn. Bí ẹ bá la òkú wọn, ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ á pọ́n rokoṣo ju bó ti yẹ lọ. Bí ẹni tó wọlé lọ wò wọ́n bá rí i pé orí ń fọ́ òun, tí ojú òun ń pòòyì, kó sáré jáde, kó ṣí ilé.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lo èédú. Ohun tí mo ń wí ni pé kí apá òkè fèrèsé wà ní ṣíṣí sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì, ó kéré tán ìbú ọwọ́ kan, ní gbogbo ìgbà tí èédú bá wà nínú ilé. Kí ènìyàn má sì sùn sínú yàrá yẹn.

Bàbá Mọ́pà

Ilé tèmi amọ̀ ni, òrùlé rẹ̀ ga, àlàfo sì wà láàárín ògiri àti òrùlé. Bóyá ìdí nìyẹn tí tèmi ò fi ṣe wọ́n ní nǹkan.

Olùtọ́jú-ẹran Ìyàrà

Òun gan-an ni, Bàbá. Àlàfo yẹn ló ń gbà yín.

Oní-Sólà

Ẹ̀yin ará ilé, ayé ti kọjá èédú. Ọmọ Ìsánlú, ra ínfátà kékeré kan, bátìrì 200 AH kan, pánẹ́ẹ̀lì méjì, gúlóòbù rẹ méjèèjì á máa tàn mọ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan lo máa náwó.

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Oní-Sólà, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Gúlóòbù 200 wáàtì méjì jẹ́ 400. Láti agogo 7 alẹ́ dé agogo 6 àárọ̀ jẹ́ wákàtí 11. 400 lọ́nà 11 jẹ́ 4,400 wáàtì-wákàtí. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 200 AH, 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400, òun ló wà nínú rẹ̀ tó bá kún, bátìrì olómi kò sì yẹ kí a lò ju ìdajì lọ kó má baà bàjẹ́, ìyẹn 1,200. Bátìrì mẹ́rin nìyẹn, àti pánẹ́ẹ̀lì tó máa kún wọn lójoojúmọ́, fún 200 adìẹ péré.

Wáá wo kẹ́ẹ̀gì 25 lítà. Bí o bá rọ omi dígíríì 75 sínú rẹ̀, kó tó tutù dé 35, ooru tó máa tú sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,200 yẹn gẹ́lẹ́. Kẹ́ẹ̀gì omi gbígbóná kan, bátìrì kan. Igi ìdáná wà ní Ìsánlú, ìta sì ni a ti ń se omi, èéfín rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Sólà dára fún ìmọ́lẹ̀ kékeré òru àti fáànù ọ̀sán. Láti fi mú ilé gbóná, ìnáwó tí kò bójú mu ni.

Oní-Sólà

Mọ́mì, bátìrì lítíọ́mù ń bẹ báyìí tí a lè lò ju ìdajì lọ dáadáa. Méjì lè tó.

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Òótọ́ ni ti lítíọ́mù. Sọ iye rẹ̀ fún un kó gbọ́.

Ọmọ Ìsánlú

Háà, mo ti gbọ́ iye rẹ̀ rí. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ti kẹ́ẹ̀gì yìí fún mi. Ṣé n óò kàn gbé e sáàárín wọn báyẹn ni?

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Rárá o. Bó o bá kàn gbé e síta gbalaja, páánù lá gba gbogbo ooru ẹ̀ lọ. O ní láti fún un ní ilé kékeré. Fi pákó ṣe férémù tí kò ní ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ 4 sí 5, gíga rẹ̀ kó tó ẹsẹ̀ kan àtààbọ̀. Fi àpò ìrẹsì tàbí àpò kòkó ìlọ́po méjì bo òkè rẹ̀. Pákó ni ìhà mẹ́ta. Ìhà kẹrin, ya àpò wẹ́wẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á lè máa gba àárín rẹ̀ wọlé jáde. Gbé férémù náà sí apá kan nínú ọgbà róbótó yẹn. Oúnjẹ àti omi ìta ló ń gbé, nítòsí ẹnu ọ̀nà, má gbé omi wọ abẹ́ rẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni kó o lò. Tí omi bá hó, sọ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó máa ń rọ ike kẹ́ẹ̀gì, á wú, ìdérí ẹ̀ á sì máa jò. Má kún un dé ẹnu. Dé e pinpin, wé e sínú àpò kan kí ẹsẹ̀ wọn má baà jó, kí o fi í lélẹ̀ ní dídùbúlẹ̀ tí ìdérí wà lápá òkè. Agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọlé, kí ilẹ̀ tó tutù. Ooru kẹ́ẹ̀gì máa ń pọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ó sì máa ń dín kù bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdájí gan-an la nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà má gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé pọ̀. Gbé méjì wọlé ní agogo 6, kí o wá fi ẹ̀kẹta kún un nígbà tí o bá fẹ́ sùn ní agogo 11. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò lórí eérú gbígbóná kò ní í tutù kó tó di ìgbà yẹn.

Ẹ̀wà rẹ̀ ni pé kò kan Nẹ́pà. Gúlóòbù rẹ lè wà níta férémù, bí iná bá wá, ó dáa, bí ò wá, kò sí òkìtì. Èyí tí ooru bá mú lábẹ́ àpò á jáde fúnra rẹ̀, èyí tí òtútù bá mú á wọlé. Ìwọ ò ní láti jí máa ṣọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbẹ̀

Mo kẹ́kọ̀ọ́ níbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ Kàbà. Wọ́n sọ fún wa pé ní Etiópíà, wọ́n ń lo àpótí tí wọ́n fi koríko gbígbẹ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí kò ní iná kankan nínú. Ooru ara àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn ni koríko náà ń dì mú. Ṣé kì í ṣe pé Ọmọ Ìsánlú ò tilẹ̀ nílò kẹ́ẹ̀gì?

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Mo mọ̀ ọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àpótí kan, bí 50, tí ìyá ilé wà nítòsí tó ń ṣí i tó ń dé e lọ́wọ́. Fún 200 bíróílà, ìgbẹ́ wọn á tètè mú koríko rin, koríko tó rin kì í sì di ooru mú. Ṣùgbọ́n òye ibẹ̀ la lò: bo òkè wọn, kí ooru ara wọn má baà lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ férémù lásán láìsí kẹ́ẹ̀gì ló máa tó o. Ìṣesí wọn lá fi hàn ọ́ ní ìdájí.

Ẹ jẹ́ n parí ti ọ̀sán, ẹ̀yin ò bi mí, bẹ́ẹ̀ ni òun ló máa dà yín láàmú ju òru lọ láti ìsinsìnyí dé oṣù kẹrin. Ẹ wò ó: lọ́sẹ̀ yìí wọ́n fẹ́ 33, ìta sì ń lọ sí 36. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n á fẹ́ nǹkan bí 27, ìta á ṣì wà ní 36. Ìgbà yẹn, ìtutù lẹ ó máa wá. Nítorí náà, láti bí agogo 9 àárọ̀, pa gúlóòbù, kó èédú jáde, ká àpò òkè férémù kúrò. Náílọ̀n fèrèsé, òkè ni kí o ti ṣí i, kí ìsàlẹ̀ wà ní dídí dé ibi orúnkún, kí ooru abẹ́ páánù rí ọ̀nà lọ kí atẹ́gùn má sì fẹ́ lu wọn. Da imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko lé páánù lórí, kí o fi okùn dì í. Pa omi wọn dà ní ọ̀sán gangan, omi tó ti gbóná nínú ike wọn kì í mu. Ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ni o óò tún bẹ̀rẹ̀ sí dé náílọ̀n padà. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí òtútù bá mú òun kó tó dé e ti pẹ́.

Ìyá Ìbejì Ọ̀gìdì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti ìdí tí ìgbẹ́ gan mọ́ ńkọ́? Ẹni tó ta òròmọdìẹ fún mi sọ pé àrùn ni, ó ní kí n ra oògùn.

Olùtọ́jú-ẹran Ìyàrà

Ó lè jẹ́ àrùn, ó sì lè má jẹ́. Òtútù ń fà á, ooru tó mú kí omi ara wọn gbẹ náà ń fà á, ìrìn-àjò gígùn láìmu omi náà sì ń fà á. Ìgbẹ́ funfun bí ẹfun tó ń gan mọ́ ìdí, tí òkú sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí ooru ilé ti tọ́, ìyẹn ni kí ẹ gbé òkú tuntun lọ bá dókítà ẹran fún. Ní ti èyí tó gan báyìí, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ títí á fi rọ̀, ẹ má fà á tu ní gbígbẹ, awọ á ya.

Ọmọ Ìsánlú, ṣé wọ́n mu omi kí wọ́n tó jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n dé? Tó o bá fọwọ́ kan àpò ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ́jọ́ kejì, ó yẹ kó kún, kó rọ̀, ní ara gbogbo wọn àyàfi ìwọ̀nba. Bí èyí tó ṣófo bá pọ̀, a jẹ́ pé wọn ò rí oúnjẹ dé, yálà nítorí òtútù tàbí òkùnkùn.

Ọmọ Ìsánlú

Wọ́n dé ní bí agogo 4 ìrọ̀lẹ́, mọ́tò ti bàjẹ́ lọ́nà, wọ́n sì fún mọ́ ara wọn nínú páálí. Mo fún wọn ní omi gúlúkóòsì lójú ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ nípa ti ọ̀nà ọ̀fun yẹn.

Olùtọ́jú-ẹran Ìyàrà

A jẹ́ pé a ò lè sọ iye tí mọ́tò pa nínú 23 yẹn àti iye tí yàrá pa. Àwọn ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti mọ́tò.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin. Mo ṣe férémù náà, káfíńtà àdúgbò ló bá mi kàn án. Mo ṣe ọgbà róbótó, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sólà kọ́. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé, tẹmómítà abẹ́ àpò ka 34 ní agogo 9, 33 ní òru, 31 ní agogo 4. Nẹ́pà mú iná lọ ní agogo 1, mi ò tilẹ̀ mọ̀ títí di àárọ̀. Méjì ló kú lálẹ́ yẹn, ọ̀kan lálẹ́ kejì, láti ìgbà náà kò sí.

Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì kan jò lálẹ́ kẹta, èérún pákó abẹ́ ẹ̀ rin, mo sì bá àwọn tó dùbúlẹ̀ nítòsí ẹ̀ tí ara wọn tutù. Mo kó èérún náà dànù. Ti ọ̀sán ṣì ń ṣòro: pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ tí mo dà sórí páánù, ó ṣì ń dé 36 nílẹ̀ ní agogo 3.

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Ìdérí ẹ̀ ni. Fi náílọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan wé ojú ẹnu rẹ̀ kí o tó dé e, kí o sì dojú rẹ̀ kọlẹ̀ síta lórí sìmẹ́ńtì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá wò bóyá á jò, kó tó wọlé. 31 ní agogo 4 dára fún ọjọ́ orí tí wọ́n wà báyìí, má fi kẹ́ẹ̀gì kẹrin kún un.

Ti 36, ọgbà rẹ ti kéré jù nìyẹn. Sún un sẹ́yìn lónìí kí wọ́n rí ààyè jìnnà síra wọn, ara wọn náà ń tú ooru jáde. Bí wọ́n bá ṣì ń ya ẹnu, na ẹní sókè bíi síílìn láti ògiri dé ògiri, nísàlẹ̀ páánù, kí àlàfo wà láàárín méjèèjì. Ó gba owó ju imọ̀ ọ̀pẹ lọ, ṣùgbọ́n oòrùn páánù kò ní í máa ràn sí wọn lẹ́yìn tààrà mọ́.

Oní-Sólà

Fáànù kékeré sólà náà ńkọ́? Ọ̀sán ni, kò tilẹ̀ nílò bátìrì.

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Ìyẹn ni mo gbà. Ṣùgbọ́n má dojú rẹ̀ kọ wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Gbé e sí òkè fèrèsé kó máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde.

Bàbá Mọ́pà

Àbúrò, mo bá ọ yọ̀. Èmi ṣì wà lórí èédú mi o, ilé mi ní àlàfo. Ṣùgbọ́n ti òtútù ọyẹ́ ni mo fẹ́ bi Ìyá Kàbà. Oṣù kejìlá, tí ìdájí bá ń já sí 18 níbí, ṣé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta á tó 200?

Ìyá Àgbébọ̀ Kàbà

Bàbá, mi ò rò pé á tó. Lásìkò ọyẹ́ èmi máa ń lo gáàsì, tàbí kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú èédú nínú ilé tí òkè rẹ̀ ṣí. Ó tún ku ti gbígbẹ afẹ́fẹ́, èérún pákó á máa rú eruku, wọ́n á máa sín. Mo máa ń gbé agbada omi sí ẹ̀gbẹ́ ooru. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi kẹ́ẹ̀gì nìkan la oṣù kejìlá já pẹ̀lú 200, kó sọ fún wa.

Ìyá Ìbejì Ọ̀gìdì

Èmi ti fi là á já, àmọ́ 60 péré ni tèmi, kẹ́ẹ̀gì méjì, mo sì máa ń dìde pa omi dà ní agogo 2. Ti 200, mi ò mọ̀ o.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tòlótòló ńkọ́? Ṣé iye dígíríì kan náà ni?

Olùtọ́jú-ẹran Ìyàrà

Wọ́n fẹ́ ooru ju òròmọdìẹ lọ díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 35 sí 37 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí omi wà. Kì omi bọ wọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Mélòó lo fẹ́ kó?